Lẹ́tà Ìjẹ́rìí Mẹ́ta fún Ìtùnú

Kọ́láwọlé ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ilé mi ní Ìkẹ́rẹ́, ní ọjọ́ Ajé kan lẹ́yìn òjò ọ̀sán. Olùkọ́ ni ní ẹ̀ka Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí àbíkẹ́yìn mi, Ìtùnúolúwa, ti wà ní ọdún àṣekágbá. Ọmọ ìjọ wa sì ni pẹ̀lú. Láti ìgbà tí a ti sin Beatrice, ìyàwó mi, ó máa ń yà kí mi. Kì í pẹ́. Yóò jókòó sí etí àga, yóò béèrè bóyá mo ti jẹun, yóò sì lọ. Lọ́jọ́ yìí kò béèrè oúnjẹ. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò, ó sì mú un dání bí ẹni pé ó gbóná.

“Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Mi ò wá fi ẹjọ́ sùn o.”

“Bí o kò bá wá fi ẹjọ́ sùn, kí lo wá ṣe?”

Ó wo ilẹ̀. “Mo wá fi ẹjọ́ sùn, sà.”

Ó wá là á yé mi. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́ máa ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ tó wà ní ọdún àṣekágbá, kí wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lọ́dọ̀ wọn: kí wọ́n máa tú ìròyìn sí Yorùbá, kí wọ́n sì máa kọ́ bí a ṣe ń kà á. Wọ́n ti gbọ́ ohùn Ìtùnú, ó sì wù wọ́n. Ohun tó kù ni lẹ́tà ìjẹ́rìí mẹ́ta láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ mẹ́ta tó ti kọ́ ọ. Olùkọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀ sórí ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì, yóò lẹ àpò ìwé náà pa, yóò sì fọwọ́ sí orí ibi tó lẹ̀ pọ̀, kí ó lè hàn pé ẹnikẹ́ni kò tú u. Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé Àkúrẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ọ̀kan bá dín, wọn kò ní gbà á.

“Ìtùnú ti bẹ̀ wá,” ni Kọ́láwọlé wí. “Ó bẹ èmi, ó bẹ Ọ̀mọ̀wé Ọlọ́runtọ́ba tó jẹ́ olórí ẹ̀ka wa, ó sì bẹ Ìyáàfin Gbádébọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe bẹ̀ wá, Bàbá... Orí fóònù ni. Ọ̀mọ̀wé ka tirẹ̀ sí wa létí láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọ̀gá ọmọ gáréèjì, àwọn kò ní kọ nǹkan kan.”

“Kí ló kọ?”

“Ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ kà á fún yín, sà. Ẹnu mi ò gbé e.”

Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìlú wa ni, àwọn ọmọ sì ti fi í sọ èdè mìíràn di tiwọn. Èyí tí Ìtùnú ń lò, ti ìyá rẹ̀ ni. Ayọ̀olúwa, àkọ́bí wa tó wà ní Èkó, ló rà á fún un. Beatrice lò ó díẹ̀ kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó máa ń jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ibi tí a ti ń rí òkúta Ọlọ́sunta, nítorí ó ní ibẹ̀ ni ohùn ti ń mọ́ jù, yóò sì máa pariwo bí ẹni tó ń pe èèyàn lókè odò. Lẹ́yìn ìsìnkú, fóònù náà ń dún nínú yàrá mi. Àwọn tí kò tíì gbọ́ ló ń pè. Mo ní kí Ìtùnú mú un kúrò níbẹ̀.

Mo pe Ìtùnú. Ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́, ó sì ti ibi ìdáná wọlé pẹ̀lú ọ̀bẹ. Nígbà tó rí Kọ́láwọlé àti fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó gbé ọ̀bẹ náà sílẹ̀.

“Há, Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá! Ẹ ti tà mí!”

“Mi ò tà ọ́. Mo gbé ọ wá sílé ni.”

“Ọ̀rọ̀ tí o kọ sí àwọn olùkọ́ rẹ,” ni mo wí, “kà á fún mi.”

Ó ní òun ti gbàgbé. Mo ní fóònù kì í gbàgbé. Kọ́láwọlé gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó dìde, ó kí wa, ó sì lọ. Bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀ ni mo ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ tó ń fi ọwọ́ dí.

Ìtùnú yọ fóònù ìyá rẹ̀, ó sì kà. Mo ń kọ wọ́n sílẹ̀ bí ó ti ń kà, gẹ́gẹ́ bí mo ti máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí sílẹ̀ nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kóòtù ìbílẹ̀. Ilé-ìwé girama ni mo ka ìwé mọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn kọ́ mi pé kí n má fi ohun tí ó wù mí rọ́pò ohun tí èèyàn sọ. Ti Ọ̀mọ̀wé Ọlọ́runtọ́ba nìyí:

“Túàlé, ọ̀gá wa! Baba tó ju baba lọ! Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò rẹ́fẹ́rẹ́nsì rédíò o, ṣáápù-ṣáápù. Furáìdè ló máa kú. Ẹ má já mi kulẹ̀, ẹ̀yin ni kókó!”

Ti Kọ́láwọlé:

“Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, báwo ni nǹkan? Rédíò ti fẹ́ gbé mi o! Ẹ bá mi já lẹ́tà kan sílẹ̀. Ẹ fi iyọ̀ sí i dáadáa, ẹ ní kò sí irú mi láti ibí dé Òmùò. Súyà ń bọ̀!”

Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, ó fẹ́ pa fóònù náà.

“Ti Ìyáàfin Gbádébọ̀ ńkọ́?”

“Dádì, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.”

“Kà á.”

Ó kà á ní ohùn kékeré.

“Mọ́mì àtàtà, ẹ má bínú pé mo ń sá fún yín. Ẹni tó máa ń bá mi bẹ̀ yín ti já mi sílẹ̀, ó ti lọ gbádùn ara ẹ̀ lókè. Ẹ ṣáà kọ lẹ́tà rédíò fún mi jàre, kí n má di ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀mejì. Ó dàárọ̀ o!”

N kò kọ ìyẹn tán. Mo gbé kálàmù sílẹ̀.

“Ó ti já ọ sílẹ̀,” ni mo wí.

“Dádì, eré ni.”

“Ìyá rẹ kò ṣeré nígbà tó ń kú.”

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá orúnkún mọ́ àyà. Ohun tó wà níwájú wa ni lẹ́tà mẹ́ta. Ohùn ọmọ náà dára. Ìyá rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀, nígbà tí Ìtùnú máa ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn arúgbó tó wà lẹ́yìn pátápátá sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Beatrice ní kí a fi í sílẹ̀ kó ka Yorùbá, nígbà tí èmi fẹ́ kó ka ìmọ̀ ìṣirò owó. Rédíò yìí, ohun tí ó fẹ́ rí kó tó lọ ni.

Mo mú ìwé funfun wá, mo sì ní kí ó jókòó sórí àga.

“Kọ́kọ́ sọ ẹni tí o jẹ́,” ni mo wí. “Kò sí orúkọ rẹ nínú èyíkéyìí nínú wọn.”

“Wọ́n máa mọ̀ pé èmi ni.”

“Báwo ni wọ́n ṣe máa mọ̀? Ọ̀mọ̀wé ní akẹ́kọ̀ọ́ tó kún yàrá. Sọ orúkọ rẹ, sọ ọdún tí o wà, sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, sọ ibi tí o fẹ́ lọ, ohun tí wọ́n ń béèrè, àti ọjọ́ tí ó gbọ́dọ̀ dé. Fi èsì ìdánwò rẹ sínú rẹ̀, kí wọ́n má bàa máa wá a kiri.”

“Kí n ní kí wọ́n yìn mí?”

“Rárá. Ẹlẹ́rìí ni o ń wá. A kì í kọ́ ẹlẹ́rìí lẹ́nu. Ohun tí wọ́n bá rí lára rẹ ni wọn yóò sọ. ‘Ẹ fi iyọ̀ sí i’ tí o kọ sí Kọ́láwọlé yẹn, bí ó bá fi iyọ̀ sí i, tí àwọn ará Àkúrẹ́ sì tọ́ ọ wò, ta ni ojú máa tì?”

“Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá.”

“Òun àti ìwọ. Bákan náà, fún wọn ní àyè láti kọ̀. Ẹni tí kò lè sọ rere nípa rẹ, ó sàn kó sọ fún ọ ju kó kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí o kò ní rí lọ.”

Ó gbé kálàmù. Ó ń kọ, ó ń pa á rẹ́. Nígbà kan ó wo ojú mi, ó ní, “Dádì, ẹ gbọ́ o, ṣé mo lè fi túàlé kan péré sílẹ̀ fún ẹwà?” Mo fi ìka kan ìwé náà, ó sì tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹnu rẹ̀ ti padà sí bí ó ti rí tẹ́lẹ̀. Èyí tó kọ sí Ọ̀mọ̀wé nígbà tí a parí nìyí:

“Ọ̀mọ̀wé Ọlọ́runtọ́ba, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi ni Ìtùnúolúwa Fáníyì, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ní ẹ̀ka Yorùbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa ní ìmọ̀ ìtumọ̀ èdè ní ọdún tó kọjá. Ilé-iṣẹ́ rédíò kan ní Àkúrẹ́ ti gbọ́ ohùn mi, wọ́n sì ń béèrè lẹ́tà ìjẹ́rìí láti ọ̀dọ̀ àwọn olùkọ́ mi kí wọ́n tó gbà mí láti kọ́ṣẹ́ ìròyìn. Bí ẹ bá rí i pé ẹ lè jẹ́rìí sí iṣẹ́ mi àti ìwà mi, mo bẹ̀ yín pé kí ẹ kọ ọ̀kan fún mi. Ọjọ́ Ẹtì ni ó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Èsì ìdánwò mi àti ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fún mi wà nínú àpò yìí. Bí kò bá rọrùn fún yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mọ̀ kí n lè bẹ ẹlòmíràn. Mo tọrọ àforíjì fún ohun tí mo kọ ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Kò yẹ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ọmọ yín nínú ẹ̀kọ́.”

Ti Kọ́láwọlé kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ. “Ọ̀gbẹ́ni Kọ́láwọlé, ẹ kú àánú mi. Èmi Ìtùnúolúwa Fáníyì ni mo ń tọrọ lẹ́tà ìjẹ́rìí lọ́wọ́ yín fún iṣẹ́ rédíò tí mo ti sọ. Ẹ̀yin lẹ bójú tó wa nígbà tí a lọ gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Emùré. Ẹ mọ ibi tí mo ti ṣe dáadáa níbẹ̀, ẹ sì mọ ibi tí mo ti kùnà. Mo bẹ̀ yín, ohun tí ẹ mọ̀ nìkan ni kí ẹ kọ. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti súyà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀.”

Ti Ìyáàfin Gbádébọ̀ ló le jù. Mojírádé Gbádébọ̀ kì í ṣe olùkọ́ lásán fún wa. Òun àti Beatrice jọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà èwe. Àwọn méjèèjì jọ ń kọrin ní ìpàdé àwọn obìnrin dáyósíìsì, wọ́n sì máa ń fi tiwọn ba orin jẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín. Nígbà ìsìnkú, ó ti Ìsẹ̀ tó ń gbé wá, ó wọ ibi ìdáná wa kí àwọn mọ̀lẹ́bí tó dé, ó sì wà níbẹ̀ títí àlejò fi tú ká. Àṣà wa ni pé kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ dúpẹ́ ẹsẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó bá a sin òkú. N kò tíì lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Mo máa ń wọ aṣọ tán, n óò sì tún bọ́ ọ.

Ìtùnú kọ tirẹ̀ bí ti Ọ̀mọ̀wé. Ó fi àyè kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀.

“Kí ló wà níbẹ̀?”

“Ibi tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ Mọ́mì sí.”

“Lẹ́tà iṣẹ́ ni. Má fi ẹkún bẹ̀bẹ̀ iṣẹ́.”

Ó tún un kọ sórí ìwé mìíràn, kò sì sí àyè náà nínú rẹ̀ mọ́. Lẹ́tà náà dára. Ó ní orúkọ rẹ̀ nínú, ó ní pé Ìyáàfin Gbádébọ̀ ló kọ́ òun ní àṣà àti lítíréṣọ̀, ó sọ ọjọ́, ó tọrọ àforíjì. N kò rí àléébù kankan lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ó gbé wọn lọ. Nígbà tó dé, ó ń rẹ́rìn-ín. Kọ́láwọlé ti ka tirẹ̀ tán, ó ní, “Súyà mi dà?” Ó ní òun yóò kọ lẹ́tà, òun yóò sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọmọ náà máa ń pẹ́ dé, ṣùgbọ́n kì í purọ́. Ọ̀mọ̀wé Ọlọ́runtọ́ba fi í sílẹ̀ kó dúró níwájú tábìlì nígbà tó ń kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ó wo ojú rẹ̀.

“Ta ló jí ọ lójú oorun?”

“Bàbá mi ni, sà.”

“Kí bàbá rẹ má sùn.” Ó ní kí ó padà wá gbà á lọ́jọ́ Ọjọ́rú.

Ṣùgbọ́n Ìyáàfin Gbádébọ̀ kò sí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Akọ̀wé ẹ̀ka ní wọ́n ránṣẹ́ láti Ìsẹ̀ pé ara wọn kò yá. Ìtùnú kò fi lẹ́tà sílẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi fóònù pè wọ́n. Ó dún díẹ̀, ó gé. Ó tún pè, kò wọlé mọ́.

“Wọ́n ti pa á,” ni ó wí. “Dádì, wọ́n ń bínú sí mi.”

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, ó gba lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ wálé. Wọ́n ti lẹ̀ wọ́n pa, ọwọ́ sì wà lórí ibi tó lẹ̀. Ó gbé wọn sórí tẹlifíṣọ̀n, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi nǹkan lé wọn. Ìyáàfin Gbádébọ̀ kò tíì dé. Fóònù wọn ṣì wà ní pípa.

“Màá lọ sí Ìsẹ̀ lọ́la,” ni Ìtùnú wí. Ó dúró, ó ń fi ẹsẹ̀ họ ilẹ̀. “Ṣé ẹ óò bá mi lọ?”

Mo mọ ohun tó ń béèrè. Ọmọ tó bá ṣẹ àgbà kì í dá lọ bẹ̀ ẹ́. Àgbà mìíràn ló ń mú un lọ. Ìyá rẹ̀ ni ì bá mú un lọ. Mo ní kí ó lọ fi omi gbóná sílẹ̀ fún mi ní kùtùkùtù.

A wọ ọkọ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ọ̀nà Ìsẹ̀ tutù, wọ́n sì ti ń sá kòkó sí etí títì níbi tí oòrùn ti ń yọ. Ìtùnú di lẹ́tà rẹ̀ mú lórí itan. Mo ń to ohun tí n óò wí lọ́kàn bí ẹni tó fẹ́ kà á níwájú adájọ́.

Mojírádé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti rù. Ó wò mí, ó wo Ìtùnú lẹ́yìn mi, ó sì di férémù ilẹ̀kùn mú.

“Bàbá Ayọ̀. Ẹ wọ ulé.”

A jókòó. Ó fẹ́ lọ gbé omi wá, mo ní kí ó jókòó. Ìtùnú ti kúnlẹ̀.

“Mo mú ọmọ yìí wá bẹ̀ yín,” ni mo wí. “Ó ṣẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ bá ìyá sọ ni ó kọ sórí fóònù yín ní ọjọ́ Sátidé. Mo ti bá a wí. Ẹ dárí jì í.”

Mojírádé wo Ìtùnú títí.

“Ní ọjọ́ Sátidé,” ni ó wí. “Ìwọ ni?”

“Èmi ni, mà.”

“Ìwọ ni o tún pè mí ní Ìṣẹ́gun?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ má bínú.”

Ó dìde, ó wọ yàrá. Nígbà tó jáde, ó di nǹkan kan mọ́ inú gèlè àtijọ́. Ó tú u sórí tábìlì. Fóònù rẹ̀ ni.

“Mò ń ká aṣọ lórí okùn,” ni ó wí. “Ó dún. Mo wo ojú rẹ̀. *Beatrice*. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyẹn: Beatrice ló fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Bàbá Ayọ̀, èmi ni mo wọ aṣọ fún un. Ọwọ́ mi yìí ló wé gèlè fún un kẹ́yìn. Mo fi fóònù náà sílẹ̀ lórí koríko, mo sì wọlé.”

Ó yí fóònù náà dojú dé tábìlì.

“Mo pa á. Ní Ìṣẹ́gun mo ní, Mojírádé, ṣebí o kàwé. Mo tan án. Ó ń dún lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe pé ó fi ìwé ránṣẹ́ mọ́, ó ń pè mí ni. Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí pé àwọn àgbà ní òkú kì í peni kéèyàn jẹ́. Gbogbo wa a máa rẹ́rìn-ín. Mi ò lè jẹ́ ẹ, Bàbá Ayọ̀. Mi ò sì lè sọ fún ẹnikẹ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ohun tó ń ṣe mí.”

Ìtùnú ti dojú bolẹ̀. “Fóònù Mọ́mì ni mò ń lò, mà. Mi ò rò ó. Mi ò rò pé orúkọ wọn ni ẹ óò rí. Ọkàn mi ò lọ síbẹ̀ rárá.”

Èmi náà kò mọ̀. Mo rò pé nọ́ńbà lásán ló ń hàn lójú fóònù. Èmi ni mo ní kí ó gbé e kúrò nínú yàrá mi kí n má bàa gbọ́ ọ mọ́.

Mojírádé tẹ̀ síwájú, ó fi ọwọ́ lé orí ọmọ náà. “Dìde. Kí lo tiẹ̀ fẹ́?”

Ìtùnú na lẹ́tà náà sí i. Ó wọ awò ojú, ó kà á délẹ̀ láìyára.

“Ó dára gan-an. Ta ló kọ ọ́?”

“Èmi ni, mà.”

Mojírádé gbé ojú lórí awò, ó wò mí. “Bàbá Ayọ̀?”

“Àwa méjèèjì ni.”

“Mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé kóòtù ló ń pè mí.” Ó ká lẹ́tà náà. “Èyí tó wà lórí fóònù ńkọ́? Mi ò tíì kà á.”

“Ìsọkúsọ ni,” ni mo wí. “A ti fi èyí rọ́pò rẹ̀.”

“Mo ti gba èyí. Ṣùgbọ́n èyí tí mo sá fún láti Sátidé, mo fẹ́ gbọ́ ọ kí n lè sinmi.” Ó gbé fóònù náà fún Ìtùnú. “Ìwọ tàn án. Kà á sókè.”

Ìtùnú wò mí. Mo mi orí sí i pé kó kà á.

Ó tan fóònù náà. Ó dúró kí iná rẹ̀ tàn tán, ó sì kà á. Kò kà á bí ó ti kà á fún mi. Ohùn tó fi ń ka Bíbélì ni ó fi kà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró gedegbe. *Ẹni tó máa ń bá mi bẹ̀ yín ti já mi sílẹ̀.* Nígbà tó dé ibi ọmọ òrukàn lẹ́ẹ̀mejì, ohùn náà kò yẹ̀. Ó kà á dé “Ó dàárọ̀ o,” ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Mojírádé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ń jáde, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

“Ó ti já wa sílẹ̀ lóòótọ́,” ni ó wí. “Oníjìbìtì. Ó ní òun yóò wá bá mi ká ẹ̀fọ́ tí mo gbìn. Ẹ̀fọ́ ti gbó.”

Ibẹ̀ ni ohun tí mo ti tò lọ́kàn láti Ìkẹ́rẹ́ ti tú ká. Mo ní, “Mojírádé, mo dúpẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wá, ẹ dáná, ẹ tún òkú ṣe. N kò wá dúpẹ́. N kò lè jáde nílé.”

“Mo mọ̀, Bàbá Ayọ̀.”

“Ó yẹ kí n ti wá.”

“Ẹ ti wá.” Ó nu ojú rẹ̀ nígbà yẹn. Ó yíjú sí Ìtùnú, ohùn rẹ̀ sì padà di ti olùkọ́. “Ìgbà wo ni Àkúrẹ́ ń fẹ́ ẹ?”

“Ọ̀la, mà.”

“Ọ̀la! O sì jókòó síbẹ̀ tí ò ń sunkún? Ọ́fíìsì ni ìwé kọ́lẹ́ẹ̀jì wà, mi ò lè kọ ọ́ sórí ìwé lásán. Ẹ dúró dè mí, kí n wọ aṣọ.”

Ọkọ̀ kan náà ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀ padà sí Ìkẹ́rẹ́. Ní ọ́fíìsì, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta pẹ̀lú Ìtùnú. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ díẹ̀, mo sì ń rí orí Mojírádé tó tẹ̀ ba ìwé. Ó ń kọ, ó ń dúró, ó tún ń kọ. Lẹ́ẹ̀kan ó pe Ìtùnú láti inú.

“Ọ̀rọ̀ wo lo kọ̀ láti tú ní kíláàsì lọ́jọ́ sí, tí o ní ó di ìgbà tí o bá béèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n?”

“Ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ kan ni, mà. Mo lọ béèrè ní Ìjàn.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Padà síta.”

Ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé e fún Ìtùnú. N kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ títí di òní, n kò sì gbọdọ̀ mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìtùnú gbé lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ sí Àkúrẹ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n pè é. Ní ọjọ́ tó ń lọ, ó ti ra láìnì tirẹ̀ àti fóònù àlòkù kan. Ó gbé ti ìyá rẹ̀ padà sórí tábìlì yàrá mi. N kò ní kí ó gbé e kúrò.

Kọ́láwọlé ló kọ́ mi bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ mi wúwo, mo sì pẹ́ nídìí rẹ̀. Ó jókòó sí etí àga, ó ń yọjú wò ó.

“Bàbá, ẹ gé e kúrú. Owó ojú ìwé méjì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín báyìí.”

“Kí wọ́n gbà á.”

Ohun tí mo kọ nìyí: “Ìyáàfin Gbádébọ̀, ẹ kú ilé o. Èmi Adétúnjí Fáníyì ni mo ń kọ̀wé yìí. Ọwọ́ mi ni fóònù Beatrice wà báyìí. Bí ẹ bá rí orúkọ rẹ̀, ẹ má bẹ̀rù, èmi ni. Ìtùnú ti dé Àkúrẹ́ ní àlàáfíà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín.”

Mo gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé kó lè lọ. Mo dúró níbi tí Beatrice máa ń dúró. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó dún lọ́wọ́ mi, Kọ́láwọlé sì fi ibi tí n óò tẹ̀ hàn mí.

“Bàbá Ayọ̀, mo rí i. Mi ò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Mo kọ tiyín tẹ̀ lé e.”